Ṣíìtì méjì tí orí kọ́lọ́ọ̀mù wọn ò bára mu: báwo la ṣe máa pa wọ́n pọ̀ tí ẹnì kankan ò ní sọnù?

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Ṣíìtì méjì ni mo bá nílẹ̀ nínú fáìlì kan. Ìkíní ni `Owo`, ibẹ̀ ni akọ̀wé tó kúrò ń kọ owó tí kálukú ti dá jọ sí, èèyàn 214 ló wà níbẹ̀. Ìkejì ni `Gbese`, ọwọ́ akápò ló wà, ìlà 96, àwọn tó yáwó tí wọn ò tíì san tán. Orí kọ́lọ́ọ̀mù wọn ò jọra rárá. Nínú `Owo` wọ́n kọ `MEMBER NO`, `NAME`, `PHONE`, `TOTAL SAVINGS`, nínú `Gbese` wọ́n kọ `Reg No`, `Surname & Other Names`, `Loan Bal`, àmọ́ nọ́ńbà kan náà ni `MEMBER NO` àti `Reg No`. Ìgbìmọ̀ fẹ́ ká kó gbogbo ẹ̀ sójú kan kí ìpàdé gbogboogbò tó dé, kí ẹni tó bá béèrè lè rí owó ẹ̀ àti gbèsè ẹ̀ lórí ìlà kan ṣoṣo.

Àbúrò mi kọ́ mi ní fọ́múlà yìí, mo fi sí kọ́lọ́ọ̀mù tuntun nínú `Owo`, mo fà á dé ìsàlẹ̀:

```
=IFERROR(VLOOKUP(A2,Gbese!A:C,3,0),0)
```

Ó gbé owó wá lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí mo ro gbèsè yẹn pọ̀, ₦9,875,000 ló fún mi, bẹ́ẹ̀ tí mo bá rò ó nínú `Gbese` fúnra ẹ̀, ₦11,460,000 ni. ₦1,585,000 ò sí ńbẹ̀ mọ́. Mo ka àwọn tí gbèsè wọn jáde, 83 ni, ó sì yẹ kó jẹ́ 96. Owó olówó ni, mi ò lè gbé e síwájú ìpàdé báyìí. Ẹ dákun, níbo ni mo ti ṣì í? Excel 2016 ló wà lórí láàpútọ́ọ̀pù ẹgbẹ́.

Ọmọ_Òkè_Àdó

Orí kọ́lọ́ọ̀mù yẹn ló fà á. Ẹ lọ yí `Reg No` sí `MEMBER NO`, kí méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ wá tún fọ́múlà yẹn fà. Tó bá ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lo XLOOKUP, òun lòde òní, VLOOKUP ti gbó.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Ẹ ṣé sà. Mo ti yí orúkọ yẹn, iye kan náà ló ṣì gbé jáde. XLOOKUP yẹn, mo tẹ̀ ẹ́, `#NAME?` ló kọ fún mi.

Alákọsílẹ̀

Màmá, Excel 2016 ò mọ XLOOKUP, ìdí nìyẹn tó fi kọ bẹ́ẹ̀. Orí kọ́lọ́ọ̀mù náà ò sì ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí, VLOOKUP kì í wo ohun tẹ́ ẹ kọ sórí, ohun tó wà nínú àpótí ló ń fi wé ara wọn, 3 tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ sì ni pé kó mú ohun tó wà ní kọ́lọ́ọ̀mù kẹta wá. Ẹ lè jẹ́ kí orúkọ wọn yàtọ̀ bẹ́ẹ̀ títí, ẹ kàn gbọ́dọ̀ mọ èwo ló ń bá èwo lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé inú `Owo` lẹ dúró sí, ẹ wá ń béèrè lórí èèyàn 214 yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pé "ṣé lágbájá jẹ gbèsè?" Ẹni tó bá wà nínú `Gbese` tí kò sí nínú `Owo`, ta ló máa béèrè ẹ̀? Kò sẹ́ni tó máa pè é. Kò ní fi ẹ́rọ̀ kankan hàn yín, torí pé kò sí ìlà tí ẹ́rọ̀ náà máa jókòó sí.

IFERROR tẹ́ ẹ sì fi bò ó pẹ̀lú 0 ló jẹ́ kó burú sí i. 214 yọ 83, èèyàn 131 ló ń fi 0 hàn yín báyìí. Nínú wọn, àwọn kan ò jẹ gbèsè lóòótọ́, àwọn kan jẹ gbèsè ṣùgbọ́n Excel ò rí wọn, 0 kan náà ló kọ sí gbogbo wọn lórí. Ẹ yọ IFERROR yẹn kúrò ná, ẹ jẹ́ kí `#N/A` máa hàn títí a ó fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ìyá_Aláṣọ

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi fọ́múlà dà yín lórí rú o jàre. Èmi náà ní ìwé àwọn oníbàárà àti ìwé àwọn tó jẹ mí lówó. Ńṣe ni mo máa ń kọ́pì ìkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkíní, màá wá sọ́ọ̀tì méjèèjì látorí nọ́ńbà, wọ́n á tò lẹ́sẹẹsẹ, kálukú á kojú orúkọ ẹ̀.

Alákọsílẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú owó ẹgbẹ́. Ìlà 214 wà lápá kan, 96 wà lápá kejì. Ẹni àkọ́kọ́ tí kò bá jẹ gbèsè, gbogbo àwọn tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ lápá kejì á sún sókè ní ìlà kan, gbèsè Tàìwó á wá jókòó síwájú Kẹ́hìndé. Tí tiyín bá ṣe déédéé, á jẹ́ pé àwọn èèyàn kan náà ló wà nínú ìwé méjèèjì, ẹnì kan ò lé. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbí.

Ìyá_Aláṣọ

Hẹn, ó yé mi. Lóòótọ́, gbogbo oníbàárà mi ló jẹ mí lówó.

Ọmọ_Òkè_Àdó

Mo gbà nípa ti orí kọ́lọ́ọ̀mù, mo ṣì í. Àmọ́ láti mọ àwọn tó sọnù, ó rọrùn. Akọ̀wé, ẹ lọ sínú `Gbese`, ẹ tẹ èyí sí àpótí tó ṣófo ní ìlà kejì, ẹ fà á dé ìlà 97, ẹni tó bá kọ 0 sí ò sí nínú `Owo` nìyẹn:

```
=COUNTIF(Owo!A:A,A2)
```

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Mo ti ṣe é. Èèyàn 7 ló kọ 0 sí. Mo mọ̀ wọ́n, àwọn tó ti fẹgbẹ́ sílẹ̀ ni, wọ́n ti gba owó wọn kúrò ní `Owo`, gbèsè wọn ló kù. Mo ro gbèsè àwọn méje yẹn, ₦960,000. Ṣùgbọ́n ₦1,585,000 ni mò ń wá, ₦625,000 ṣì kù.

Alákọsílẹ̀

Ó dáa bẹ́ ẹ ṣe rò ó yẹn. Ẹ wá ṣe èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ ka iye `TRUE` tó máa jáde:

```
=ISNA(MATCH(A2,Owo!A:A,0))
```

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

11 ni `TRUE`. Kí ló dé tí COUNTIF fi sọ pé 7, tí èyí sọ pé 11? Àwọn mẹ́rin tó lé yẹn, mo wò wọ́n lójú méjèèjì, nọ́ńbà wọn wà nínú `Owo` kedere, ọ̀kan ńbẹ̀ jẹ́ 45, mo rí 45 níbí, mo rí 45 lọ́hùn-ún.

Alákọsílẹ̀

Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ká dé. Ẹ wo 45 tó wà nínú `Gbese` dáadáa. Ṣé apá òsì ló fara tì nínú àpótí àbí apá ọ̀tún? Ṣé igun kékeré aláwọ̀ ewé kan wà lókè lápá òsì ẹ̀?

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Apá òsì ni! Igun aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀. Ti inú `Owo` fara ti apá ọ̀tún.

Alákọsílẹ̀

Ẹ ṣé. 45 inú `Owo`, nọ́ńbà ni lójú Excel. 45 inú `Gbese`, ọ̀rọ̀ ni lójú ẹ̀, bí ìgbà tẹ́ ẹ kọ "ilé" tàbí "ọjà". Ó lè jẹ́ pé akápò kọ́pì ẹ̀ láti inú ohun tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí fóònù. VLOOKUP àti MATCH ka àwọn méjèèjì sí ohun tó yàtọ̀ pátápátá. COUNTIF ò bìkítà, ó gbà pé ọ̀kan náà ni. Torí náà COUNTIF á máa sọ pé "ó wà ńbẹ̀" fún ẹni tí VLOOKUP ò ní rí láéláé. Tẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tó sọnù nínú lúkọ́ọ̀pù, MATCH lẹ ó fi wá a, torí ojú kan náà ni òun àti VLOOKUP fi ń wo nǹkan.

Ẹ ro gbèsè àwọn mẹ́rin yẹn fún mi.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

₦385,000. Ó ku ₦240,000.

Alákọsílẹ̀

Ẹ padà sínú `Gbese`, ẹ tẹ `=COUNTIF(A:A,A2)`, níbí COUNTIF wúlò, ẹ wò ó bóyá ẹnì kan wà lẹ́ẹ̀mejì.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Ó wà! Àwọn méjì ni, kálukú ní ìlà méjì. Wọ́n yá ti ọdún iléyá, wọn ò tíì san án tán kí wọ́n tó tún yá ti owó ilé ìwé ọmọ. Ìlà kejì ti àwọn méjèèjì, tí mo bá rò ó pọ̀, ₦240,000 géérégé.

Alákọsílẹ̀

VLOOKUP kì í kọjá ẹni àkọ́kọ́ tó bá rí, tó bá ti rí i ó dúró, ìlà kejì ò kàn án. Gbogbo ẹ̀ ti jáde báyìí: 7 tí kò sí nínú `Owo`, 4 tí wọ́n jẹ́ ọ̀rọ̀ dípò nọ́ńbà, 2 tó jẹ́ ìlà kejì. 13 nìyẹn, 83 pẹ̀lú 13 sì jẹ́ 96.

Mò ń bọ̀, ẹ jẹ́ n kọ bẹ́ ẹ ṣe máa tò ó sílẹ̀.

Tíṣà_Ìṣirò

Kó tó dé, ẹ jẹ́ n béèrè tèmi. Ìwé àwọn òbí ní ilé ìwé wa, kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀, orúkọ àti fóònù nìkan ni. Mo kọ́kọ́ lo orúkọ, ó dà mí láàmú, ẹnì kan kọ "Adébáyọ̀", ẹlòmíì kọ "Adebayo", ẹlòmíì tún fi "Alh." síwájú, Excel ò sì gbà pé ẹnì kan náà ni wọ́n. Mo wá lọ sórí fóònù, òdo iwájú ti sọnù lára àwọn kan, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +234.

Alákọsílẹ̀

Tíṣà, ẹ mú nọ́ńbà mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn, kẹ́ ẹ fi òdo síwájú ẹ̀, méjèèjì á padà bára mu, ìyẹn tí kò bá sí àlàfo láàárín nọ́ńbà fóònù náà o:

```
="0"&RIGHT(A2,10)
```

Ṣùgbọ́n òbí kan lè ní ọmọ mẹ́ta lábẹ́ fóònù kan, tọkọtaya sì lè máa lo fóònù kan náà. Ẹ ka àwọn tó wà lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Orúkọ, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀ láé.

Tíṣà_Ìṣirò

Ọmọ mẹ́ta yẹn ló ń dà mí láàmú gan-an. Màá ṣí ìbéèrè tèmi lọ́tọ̀.

Alákọsílẹ̀

Ó yá, akọ̀wé. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, kẹ́ ẹ sì máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà, ti ìbẹ̀rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ yí padà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa àwọn kọ́lọ́ọ̀mù fọ́múlà tá a ti fi dán nǹkan wò nínú méjèèjì rẹ́, ẹ wá fi kọ́lọ́ọ̀mù kan kún ìparí ṣíìtì kọ̀ọ̀kan, ẹ pè é ní `NOMBA`. Nínú `Owo` á bọ́ sí E, nínú `Gbese` á bọ́ sí D. Èyí lẹ ó tẹ̀ sínú méjèèjì:

```
=TRIM(SUBSTITUTE(A2,CHAR(160),""))
```

TRIM yẹn sọ gbogbo wọn di ọ̀rọ̀, ìjà 45 àti 45 parí nìyẹn, ó sì ń gé àlàfo tí wọ́n ṣèèṣì tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn. SUBSTITUTE wà níbẹ̀ torí àlàfo kan wà tó máa ń bá nǹkan wá látorí ayélujára, ojú ò lè dá a mọ̀, TRIM nìkan ò sì lè gé e.

Ẹ wá ṣí ṣíìtì kẹta, ẹ pè é ní `Gbogbo`. Ẹ sọ kọ́lọ́ọ̀mù A ibẹ̀ di `Text` kẹ́ ẹ tó fi nǹkan sí i. Ẹ kọ́pì `NOMBA` 214 láti `Owo`, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ bẹ̀ láti A2 lọ, `Paste Special`, `Values` o, kó má gbé fọ́múlà wá. Nísàlẹ̀ ẹ̀ gan-an, ẹ lẹ 96 ti `Gbese` mọ́ ọn. Ìlà 310 nìyẹn. Ẹ lọ sí `Data`, ẹ tẹ `Remove Duplicates`. Ẹ má wulẹ̀ pa á dé, ẹ kà mí ní ohun tó bá kọ.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Ó ní `89 duplicate values found and removed; 221 unique values remain.`

Alákọsílẹ̀

214 pẹ̀lú àwọn 7 tó ti fẹgbẹ́ sílẹ̀, 221. Ó pé. Orí àwọn 221 yìí lẹ ó dúró sí, tẹ́ ẹ ó ti máa béèrè lọ́wọ́ ìwé méjèèjì, kò sẹ́ni tí ò ní ìlà tiẹ̀ mọ́. Orúkọ ní B:

```
=IFNA(INDEX(Owo!B:B,MATCH(A2,Owo!E:E,0)),
INDEX(Gbese!B:B,MATCH(A2,Gbese!D:D,0)))
```

Ó ń kọ́kọ́ wá orúkọ nínú `Owo`, tí kò bá rí i ó lọ mú un nínú `Gbese`. INDEX àti MATCH ni mo lò torí pé ìparí ni `NOMBA` wà, VLOOKUP ò lè wo ẹ̀yìn. Owó ní C, gbèsè ní D:

```
=IFNA(INDEX(Owo!D:D,MATCH(A2,Owo!E:E,0)),"kò sí")
=SUMIF(Gbese!D:D,A2,Gbese!C:C)
```

"Kò sí" ni mo kọ, mi ò kọ 0, kẹ́ ẹ lè mọ ẹni tí kò sí nínú ìwé àti ẹni tó wà ńbẹ̀ tí kò ní kọ́bọ̀. SUMIF wà fún àwọn méjì tó yá lẹ́ẹ̀mejì, ó ń ro ìlà méjèèjì pọ̀. Tí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ rí gbèsè méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á jẹ́ pé ẹ ó ní kọ́lọ́ọ̀mù méjì, ìyẹn tún gba àlàyé mìíì.

Ohun kan rèé: ẹ má fọwọ́ kan nọ́ńbà inú A yẹn mọ́. Tí àpótí kan níbẹ̀ ò bá jẹ́ `Text`, kí ẹnì kan kàn wọ inú ẹ̀, kó tẹ Enter lásán, 45 tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lè padà di nọ́ńbà, orúkọ ẹni yẹn á di `#N/A`, owó ẹ̀ á sì di "kò sí".

Ọ̀dọ́_Kọ̀ǹpútà

Gbogbo wàhálà yìí, Power Query á ṣe é ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó wà nínú 2016, lábẹ́ `Data`. `Merge Queries`, ẹ mú `Full Outer`, ó parí. Lóṣooṣù ẹ kàn máa tẹ `Refresh` ni.

Alákọsílẹ̀

Òótọ́ ni àbúrò, tó bá jẹ́ iṣẹ́ oṣooṣù, èmi náà á lọ síbẹ̀. Àmọ́ 45 tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ṣì máa dá yín dúró níbẹ̀. Àwọn méjì tó yá lẹ́ẹ̀mejì yẹn, `Full Outer` á gbé wọn jáde ní ìlà méjì méjì, owó tí wọ́n dá jọ á wá kọ sórí ìlà méjèèjì, àpapọ̀ owó ẹgbẹ́ á sì lé. Ẹ ó kọ́kọ́ fi `Group By` ro gbèsè pọ̀ kẹ́ ẹ tó da wọ́n pọ̀.

Ọ̀dọ́_Kọ̀ǹpútà

Ti owó tó máa lé yẹn, mi ò rò ó débẹ̀. Mo ṣì gbà pé òun ló dáa jù lọ́jọ́ iwájú.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Ẹ kú làálàá gbogbo yín. Mo ti ṣe é tán. Àpapọ̀ C nínú `Gbogbo` bá ti `Owo` mu, àpapọ̀ D jẹ́ ₦11,460,000, ó bá ti `Gbese` mu kọ́bọ̀ sí kọ́bọ̀. Mo pe akápò láti sọ fún un, ó wá ní ₦11,580,000 ló wà nínú ìwé ọlọ́wọ́ òun. ₦120,000 mìíì! Gbogbo ìlà ló pé, báwo ló tún ṣe jẹ́?

Ọmọ_Òkè_Àdó

Àfàìmọ̀ kí akápò má ṣìrò. Ìwé ọlọ́wọ́ ni.

Alákọsílẹ̀

Ẹ má tíì dá akápò lẹ́bi. Ẹ tẹ èyí:

```
=COUNT(Gbese!C2:C97)
```

COUNT ń ka nọ́ńbà nìkan. Tí kò bá fún yín ní 96, iye owó kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀. SUM máa ń fo ọ̀rọ̀, SUMIF náà ń fò ó, torí náà àpapọ̀ méjèèjì á bára mu, owó náà á sì sọnù ní ibi méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí àpapọ̀ tó bára mu láàárín ṣíìtì sí ṣíìtì ò fi tó mi, mo gbọ́dọ̀ ka iye nọ́ńbà tó wà ńbẹ̀ pẹ̀lú.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

95 ló fún mi.

Mo ti rí i. Ìlà 61. Wọ́n kọ 12O,000, lẹ́tà O ló wà lẹ́yìn 2, kì í ṣe òdo. Tí mi ò bá fa ojú ìwé náà tóbi, mi ò ní rí i láé, O yẹn fẹ̀ ju àwọn òdo tó kù lọ díẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta àgbàdo ló ni ín. Mo ti tún un kọ, COUNT ti di 96, D nínú `Gbogbo` sì ti di ₦11,580,000.

Alákọsílẹ̀

Ẹ ṣe irú COUNT yẹn fún `TOTAL SAVINGS` náà, ó gbọ́dọ̀ fún yín ní 214.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

214 ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó. Àwọn méje tó kọ "kò sí" ló kù. Akápò ní ká kó wọn sí ìsàlẹ̀ ìwé kí ọmọ ẹgbẹ́ má bàa dàpọ̀ mọ́ ẹni tó ti lọ, alága ní kí wọ́n wà láàárín àwọn yòókù torí gbèsè ẹgbẹ́ ṣì wà lọ́rùn wọn. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa yanjú ẹ̀, mo ti tẹ ìwé náà jáde lọ́nà méjèèjì.